Kí ló dé tí 3.53 mi fi di 3.47, yúnìtì mélòó ló sì kù fún mi?

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí 200 lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni, mo sì tẹ ìwé èsì mi jáde láti orí póòtáàlì. GPA sẹ̀mẹ́sítà mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni 3.20, 3.09, 4.33 àti 3.50. Mo ró wọn pọ̀, mo pín in sí mẹ́rin, 3.53 ló bọ́ sí, ṣùgbọ́n 3.47 ni wọ́n kọ síbi CGPA. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? Ìkejì, yúnìtì 140 la fi ń jáde ní ẹ̀ka wa. Mo ti ṣe 81, nítorí náà 59 ló kù, àbí? GST 111 nìkan ni kárí-ófà tó wà lọ́rùn mi, mo ti tún ìṣirò tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ṣe, mo sì gba C. Ṣé ọwọ́ mi ṣì lè tẹ 2:1? Mo so ìwé èsì náà àti ìwé ìlànà ẹ̀ka wa mọ́ ọn.*

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́ ọ jẹ, ọmọ mi. Mo fi ọwọ́ ara mi tún gbogbo rẹ̀ rò láti òkè dé ilẹ̀, 3.47 náà ló jẹ́. Èyí tó yẹ kó kó ọ lọ́kàn sókè ni 59 yẹn, nítorí yúnìtì 66 ló kù fún ọ. Bí o bá fi 59 ṣètò ọdún méjì tó kù, ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ń rán aṣọ àgùnbánirọ̀ ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan kù.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé náà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní kódù kọ́ọ̀sì, orúkọ rẹ̀, iye yúnìtì, ipò kọ́ọ̀sì náà, máàkì, lẹ́tà tí o gbà àti pọ́ìǹtì. Yúnìtì ni ìwọ̀n bí iṣẹ́ kọ́ọ̀sì náà ṣe pọ̀ tó: ní àwọn yúnífásítì Nàìjíríà, wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15, ni wọ́n ń kà sí yúnìtì kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣi ìwé kà ni ipò àti lẹ́tà, nítorí lẹ́tà kan náà ń jẹ́ nǹkan méjì. Bí o bá rí C níbi ipò, ọ̀ràn-an-yàn ni kọ́ọ̀sì náà. Bí o bá rí C níbi èsì, o gba láàárín 50 sí 59 ni. E níbi ipò túmọ̀ sí pé kọ́ọ̀sì àṣàyàn ni. E níbi èsì jẹ́ 40 sí 44, ìyẹn ni pé díẹ̀ ló kù kó bọ́. Mo ti rí ọmọ tó sunkún wọ ọ́fíìsì mi pé wọ́n fún òun ní E nínú kọ́ọ̀sì tí òun mọ̀ dunjú, B ló sì gbà. Ipò kọ́ọ̀sì ló ń wò.

Lẹ́yìn ìwé rẹ, níbi tí wọ́n kọ àlàyé sí, o máa rí i pé A jẹ́ pọ́ìǹtì 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, E jẹ́ 1, F kò sì ní nǹkan kan. Máa wo ibẹ̀ kó o tó ṣe ìṣirò èyíkéyìí, nítorí gbogbo yúnífásítì kọ́ ló ń lo òṣùwọ̀n 5, ibòmíì sì wà tí kò ní E rárá, tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá tó 45 ti fìdí rẹmi nìyẹn.

Sẹ̀mẹ́sítà rẹ àkọ́kọ́ ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Kọ́ọ̀sì mẹ́jọ lo ṣe. Mẹ́rin nínú wọn ní yúnìtì 3, mẹ́rin yòókù ní yúnìtì 2, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Nínú àwọn tó ní yúnìtì 3, o gba A kan, B méjì àti C kan. A yẹn jẹ́ 3 lọ́nà 5, ìyẹn 15. B kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12. C jẹ́ 9. Àwọn mẹ́rin náà papọ̀ jẹ́ 48. Nínú àwọn tó ní yúnìtì 2, o gba B, C, E àti F: 8, 6, 2 àti òfo, tó jẹ́ 16. Fi 16 kún 48, ó di 64. Pín 64 sí ọ̀nà 20, 3.20 nìyẹn. F tó wà níbẹ̀ ni GST 111. Ṣàkíyèsí pé kò mú pọ́ìǹtì kankan wá, síbẹ̀ yúnìtì 2 rẹ̀ wà nínú 20 tí a fi pín in. Bí F ṣe ń dunni nìyẹn: kò kó ẹrù wá sílé, ṣùgbọ́n wọ́n kà á mọ́ àwọn tó jókòó tì oúnjẹ.

Nísàlẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, àkọlé kéékèèké bíi mélòó kan wà. Nínú ìwé tìrẹ, TNU ni àpapọ̀ yúnìtì tí o forúkọ sílẹ̀ fún, TCP ni àpapọ̀ pọ́ìǹtì tí o kó jọ. Ilé ìwé mìíràn lè lo lẹ́tà mìíràn, ṣùgbọ́n nǹkan méjì yìí kò ní sàì wà níbẹ̀. Tìrẹ lọ báyìí:

```
              TNU   TCP   GPA
100L  I        20    64   3.20
100L  II       22    68   3.09
200L  I        15    65   4.33
200L  II       24    84   3.50
Cumulative     81   281   3.47

CGPA = TCP ÷ TNU = 281 ÷ 81 = 3.47
```

Wo sẹ̀mẹ́sítà kẹta dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni 3.53 rẹ ti wá. O gba 4.33, o ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n yúnìtì 15 péré lo ṣe nígbà yẹn. Ní sẹ̀mẹ́sítà kẹrin, yúnìtì 24 lo gbé, 3.50 sì lo mú bọ̀. Nígbà tí o ró GPA mẹ́rin pọ̀, tí o pín in sí mẹ́rin, o ṣe bíi pé ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wúwo bákan náà. Ká ní o lọ sọ́jà, o ra kóńgò gààrí 2 ní 1,000 náírà kóńgò kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yá o rí ibi tó dínwó, o ra kóńgò 10 ní 700 náírà. Bí ìyá rẹ bá béèrè iye tí kóńgò kan jẹ́, o kò ní sọ pé 850 nítorí pé ó wà láàárín 1,000 àti 700. 9,000 lo ná, kóńgò 12 lo gbé wálé, 750 ni. Yúnìtì ni kóńgò, GPA ni iye owó kóńgò kan. Nítorí náà, má fi GPA wá CGPA mọ́ láé. Àpapọ̀ pọ́ìǹtì ni kó o wá, kó o fi àpapọ̀ yúnìtì pín in.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò tí o tún ṣe ló kàn. O fìdí rẹmi nínú rẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà kejì, o tún un ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà kẹrin, o gba C. Lọ́kàn rẹ, C ti pa F rẹ́. Ṣùgbọ́n wo ìwé náà: kọ́ọ̀sì náà fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, yúnìtì 3 níbí, yúnìtì 3 lọ́hùn-ún. Ní ọ̀pọ̀ yúnífásítì wa, ìgbà méjèèjì ni wọ́n ń kà mọ́ CGPA. Yúnìtì 6 ni kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ, pọ́ìǹtì 9 ló sì san padà. Àwọn ilé ìwé kan wà tó jẹ́ pé èsì tuntun ló ń rọ́pò ti àtijọ́. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀ ni, 281 ni à bá fi 78 pín, CGPA rẹ ì bá sì jẹ́ 3.60.

O kò nílò láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó o tó mọ èyí tí ilé ìwé yín ń ṣe. Mú bírò, ka yúnìtì gbogbo ìlà inú ìwé náà níkọ̀ọ̀kan, àti èyí tí o yege àti èyí tí o kò yege, kó o fi wé TNU tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí àpapọ̀ tìrẹ bá bá a dọ́gba, wọ́n ń ka gbogbo rẹ̀. Bí TNU bá kéré sí tìrẹ ní iye yúnìtì kọ́ọ̀sì tí o tún ṣe, wọ́n ti yọ ti àtijọ́ kúrò. Ní tìrẹ, 81 ni mo kà, 81 ni wọ́n kọ. Kíkà yìí tún máa ń tú àṣìṣe fó: kọ́ọ̀sì yúnìtì 3 tí wọ́n tẹ̀ ní 2, máàkì tí kò wọlé, tàbí kọ́ọ̀sì tí ọmọ forúkọ sílẹ̀ fún tí kò sì yọ kúrò kí àyè ìyọkúrò tó tì, tó wá ń jẹ́ òfo lórí ìwé rẹ̀ láìjẹ́ pé ó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Kò sí irú rẹ̀ nínú tìrẹ.

Ó wá kan yúnìtì tó kù. 81 tí o yọ kúrò nínú 140 ni yúnìtì tí o forúkọ sílẹ̀ fún. Yúnìtì tí o yege ni wọ́n fi ń jáde. Yọ 3 ti ìṣirò ìgbà àkọ́kọ́ kúrò, yọ 2 ti GST 111 kúrò, 76 ló kù. Èyí tó ku ọ́ kù di 64, kì í ṣe 59 mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pé 66 ni. Yúnìtì 2 yòókù wà nínú kọ́ọ̀sì Faransé tí o ṣe ní 200 lẹ́fẹ́ẹ̀lì. O gba B níbẹ̀, pọ́ìǹtì 8 rẹ̀ wà nínú TCP rẹ, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà tí o fi ránṣẹ́ kọ ọ́ gbangba pé inú àkójọ tó wà nínú ìwé náà nìkan ni kọ́ọ̀sì àṣàyàn ti gbọ́dọ̀ wá. Mo wá Faransé nínú àkójọ yẹn títí, n kò rí i. Ó wúlò fún CGPA rẹ, kò wúlò fún jíjáde rẹ.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí èèyàn yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú nọ́ńbà kan, kó sì sọ pé òun ti mọ ohun tó kù. Yúnìtì 140 kì í ṣe àpò kan tí a ń ju ohunkóhun sí títí tó fi máa kún. Àpò mẹ́ta ni, kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ìwé ìlànà yín pín in sí yúnìtì 110 ti ọ̀ràn-an-yàn, 12 ti ìmọ̀ gbogbogbòò, ìyẹn àwọn GST àti ENT, àti 18 ti àṣàyàn. Mo mú ìwé èsì rẹ, mo kọ ọ̀, m tàbí à sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan tí o yege, mo sì ró wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. O ti ní 62 nínú ọ̀ràn-an-yàn, 48 ló kù. Nínú ìmọ̀ gbogbogbòò, o ti yege nínú GST 112, GST 212 àti ENT 211, yúnìtì 6 nìyẹn. GST 111 tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ, GST 312 àti ENT 312 ló kù, yúnìtì 6 mìíràn. Nínú àṣàyàn, 8 lo yege, 6 ló wọlé, 12 ló kù. Ró 48, 6 àti 12 pọ̀. Jọ̀wọ́ ìwọ náà tún un ṣe, má gba tèmi gbọ́ lásán, nítorí ojú mi kò dá bíi tàtijọ́ mọ́.

Mo ń tẹnu mọ́ àpò yìí nítorí ohun tí mo fojú mi rí nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ìdánwò. Ọmọkùnrin kan wá gba ìwé ìjáde. Yúnìtì tó ní ju iye tí wọ́n béèrè lọ dáadáa, CGPA rẹ̀ ju 4 lọ, bàtà tuntun ló wọ̀ wá. Èmi ni mo ka ìwé rẹ̀. Kọ́ọ̀sì ìmọ̀ gbogbogbòò oníyúnìtì 2 kan wà tí kò ṣe rárá láti 100 lẹ́fẹ́ẹ̀lì, nítorí pé ọdún tó wọlé ni wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ kó tó sanwó, kò sì sẹ́ni tó rán an létí. Kọ́ọ̀sì tí o kò forúkọ sílẹ̀ fún kò ní F tó máa pariwo lórí ìwé. Kò kàn sí níbẹ̀ ni. Sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ́ kọ́ọ̀sì yẹn, inú ìkejì la sì wà. Ó dúró di ọdún kejì, ìdánwò wákàtí méjì ló dá a dúró. Látìgbà náà, ìwé ìlànà ni mo kọ́kọ́ ń ṣí kí n tó ṣí ìwé èsì. Èmi a máa ka ohun tí wọ́n béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì wá a lọ sínú ìwé èsì. Ẹni tó bá ti inú ìwé èsì bẹ̀rẹ̀ yóò rí ohun tó ti ṣe, kò ní rí ohun tí kò ṣe.

Sẹ̀mẹ́sítà kìíní ni wọ́n ń kọ́ GST 111 tìrẹ náà. Fi sínú ìforúkọsílẹ̀ rẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ 300 lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó ń bọ̀ yìí, kó o kọ́kọ́ fi í síbẹ̀ kó o tó fi èyíkéyìí mìíràn kún un. Yúnìtì 66 sí sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin kò tó 17 lọ́kọ̀ọ̀kan, àyè wà, nítorí 24 ni ìwé ìlànà yín fi ṣe òkè. Ohun tó yẹ kó o ṣọ́ ni pé kó má ku kárí-ófà di sẹ̀mẹ́sítà tó kẹ́yìn, nítorí bí ó bá tún bọ́ níbẹ̀, ọdún kan ló ń jẹ.

Bó o bá ní ọ̀rẹ́ tó gba Dáírẹ́ẹ̀tì wọlé sí 200 lẹ́fẹ́ẹ̀lì, má fi tirẹ̀ wé tìrẹ o. Iye yúnìtì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn kéré sí tiyín, ìwé èsì wọn kò sì ní 100 lẹ́fẹ́ẹ̀lì nínú.

Ó ku 2:1. Ní ilé ìwé yín, 3.50 sí 4.49 ni. Yúnìtì 81 tí o ti ṣe àti 66 tó kù jẹ́ 147. Kí 147 tó fún ọ ní 3.50, pọ́ìǹtì 514 àti ààbọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà ní àpapọ̀. Kò sí ààbọ̀ pọ́ìǹtì, nítorí náà ká pè é ní 515. O ti ní 281. 234 ló kù tí o máa wá nínú yúnìtì 66. Pín in, wàá rí 3.55. Ìyẹn ni GPA tí o gbọ́dọ̀ máa mú bọ̀ láti ìsinsìnyí lọ, láìsí F kankan. O ti ṣe 3.50 pẹ̀lú ẹrù 24, nítorí náà kì í ṣe òkè tó ga jù ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn "láìsí F kankan" yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Bí o bá tún fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì yúnìtì 3 kan ṣoṣo, tí o sì tún un ṣe, àpapọ̀ yúnìtì rẹ di 150. Pọ́ìǹtì 525 lo nílò nígbà náà, 244 ló kù, inú yúnìtì 66 tí o máa yege kan náà ni wàá ti wá a. 3.55 ti fò di 3.70. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ìyẹn.

Ní ti fáàsì kíláàsì, o kò béèrè, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níkùn rẹ. Bí o bá gba A nínú gbogbo yúnìtì 66 náà, pọ́ìǹtì 330 ni, tí a bá fi kún 281, ó di 611. Pín in sí 147, 4.16 ni. 4.50 kò sí níbẹ̀ mọ́, kí ó má dà ọ́ láàmú.

Àwọn kan máa sọ fún ọ pé 514 tó, pé ẹ̀rọ á sún 3.497 sí 3.50. Ní ibòmíràn ó ń sún un, ní ibòmíràn ibi tí nọ́ńbà bá dé ni wọ́n ń gé e sí, á sì di 3.49. Pọ́ìǹtì kan ló wà láàárín 514 àti 515. Wá 515.

Kí ìforúkọsílẹ̀ tó ṣí, kọ àpò mẹ́ta yẹn sórí ìwé kan, mú un lọ bá olùdámọ̀ràn lẹ́fẹ́ẹ̀lì yín, kó o sì béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ẹ̀ka yín lè gba Faransé yẹn sí àṣàyàn? Nígbà mìíràn wọ́n máa ń gbà bí ọmọ bá kọ lẹ́tà tètè. Bí wọ́n bá gbà, gba ìdáhùn náà lórí ìwé pẹ̀lú òǹtẹ̀, kó o fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ. 66 á di 64.